Ìpàdé pẹ̀lú Olùdarí Àgbà wa: 14 tàbí 16 Oṣù Kẹwàá 2025

Ẹ̀yin Alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ sì kú ìkórè. Olùdarí Àgbà wa ní kí n kí yín, kí n sì bá yín dá ọjọ́ tí ẹ ó jọ jókòó lórí kòkó tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ máa tà fún wa.

Ọjọ́ méjì ni àyè yọ fún wọn: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá, tàbí Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, ní ọ́fíìsì wa ní Olúyọ̀lé, Ìbàdàn. Àwọn fúnra wọn ló ní kó má yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ má baà fi òru gbéra ní Ìdànrè. Bí iṣẹ́ oko ò bá ní jẹ́ kí ẹ wá, wọ́n lè wá bá yín ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn; ẹ ṣáà tètè sọ, kí n lè rí yàrá ìpàdé gbà. Bí ẹ bá wá sí Ìbàdàn, àwa la ó san owó ọkọ̀ ẹni mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán náà ò sì ní wọ́n yín.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yanjú ni ìwé oko. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí pípa igbó run kan gbogbo kòkó tó bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn: oko tí wọ́n ti pagbó lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020, kòkó rẹ̀ ò lè wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà. Nínú ìwé tí akọ̀wé yín fi ránṣẹ́, nọ́ńbà mẹ́rin péré ló wà lẹ́yìn pọ́íǹtì nínú nọ́ńbà GPS tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀pọ̀ oko wà. Mẹ́fà ni òfin ní kó wà, ó kéré tán. Oko méjì kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ní nọ́ńbà kan náà, olóko wọn sì yàtọ̀. Èyí tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn yí ààlà rẹ̀ ká pẹ̀lú fóònù, ojú kan ṣoṣo ò tó fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, kí akọ̀wé yín àti ẹni tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rù bá yín wá, nítorí Olùdarí Àgbà yóò béèrè bí ẹ ṣe ń sá kòkó àti bí ẹ ṣe ń ya ti oko kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti òmíràn. Ọ̀rọ̀ iye owó tí ẹ bi mí lórí fóònù, ẹnu mi ò gbà á. Ẹ̀yin àti Olùdarí lẹ jọ máa sọ ọ́.

Mo ń retí èsì yín kó tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá. Ẹ lè fèsì síbí, tàbí kí ẹ pè mí lórí nọ́ńbà tí a ti jọ ń sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bùsọ́lá
Akọ̀wé Olùdarí Àgbà, lórúkọ Olùdarí Àgbà