Ìbéèrè láti yá àga oyè ìlú yín fún ìpàtẹ

Sí Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè ìlú,

Ẹ kú ìtọ́jú ìlú, baba. Kí ẹ pẹ́ lórí àpèrè.

Ọ̀rọ̀ àga oyè àtijọ́, èyí tí ẹkùn méjì gbé lórí, ni mo bá wá. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ń múra ìpàtẹ kan sílẹ̀ lórí ìjókòó àwọn aláṣẹ, láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ọdún 2027. A bẹ̀ yín, kí ẹ yá wa ní àga náà.

Mo rí i nígbà tí ẹ gbà wá lálejò. Igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére fi gbẹ́ ẹ, láti ìtìsẹ̀ dé ìfẹ̀yìntì. Kò sí oríkèé, kò sí ìṣó. A ní àwọn àga tó dán jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni ṣì ń jókòó lé.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ìjòyè yóò bi yín ni pé, ṣé yóò padà? Wọn ò jẹ̀bi. Ìtẹ́ Ọba Njoya ti Bamum, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, dé ọwọ́ ọba Jámánì ní 1908, Bẹ́líìnì ló sì wà dòní. Ẹ̀bùn ni wọ́n pe ìyẹn. Àwa ò tọrọ ẹ̀bùn. Ìwé àdéhùn tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí sọ pé ti ìlú yín ni àga náà, àti pé 14 oṣù Kẹfà ọdún 2027 ni yóò padà sílé. Bí ọ̀ràn oyè bá dé ṣáájú ìgbà náà, ẹ ránṣẹ́ sí wa, a ó gbé e wá.

A kò ní fọ̀ ọ́, a kò sì ní kùn ún. Etí ẹkùn ọ̀tún tó ti kán, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe fi í sílẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ẹ̀yìn àga níbi tó ti sán: afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa mú kí igi súnkì, ibi tó sán a sì máa fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ wọn ọ̀rinrin yàrá tí àga náà wà lọ́dọ̀ yín, kí inú àpótí gíláàsì tiwa má baà yàtọ̀ sí i. Kí a tó gbé e, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó ya àwòrán gbogbo àpá ara rẹ̀, tọ̀tún-tòsì yóò sì fọwọ́ sí i. Bákan náà lọ́jọ́ tó bá padà. Àwa la ó san owó adójútòfò láti ẹnu ọ̀nà yín títí yóò fi padà débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò lè gbẹ́ òmíràn.

Ó ku ohun tí ẹ̀yin nìkan lè sọ fún wa. Ta ló lè fọwọ́ kàn án? Ètùtù wo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrìnàjò rẹ̀? Ǹjẹ́ apá kan wà tí ojú àlejò kò gbọdọ̀ rí? Ẹ yan ẹnì kan tí yóò bá a rìn, ìnáwó rẹ̀ wà lọ́rùn wa. Ẹ̀yin náà ni ẹ ó kọ́kọ́ ka ohun tí a bá fẹ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá yọ̀ǹda, n ó wá gbọ́ èsì lẹ́nu yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹsàn-án. Bí ìlú bá kọ̀, a kò ní bínú.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú Àgbà, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà Igi