Títún ọ̀rọ̀ aṣínà yàn: ohun tí a ó fi mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí

Ìtàn oníṣe: Èmi tí mo ní àkáǹtì ṣùgbọ́n tí mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mi, mo fẹ́ fi ímeèlì mi yan òmíràn, kí n lè wọlé láìpe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lo ímeèlì mẹ́ta: ti àkáǹtì tó ń ṣiṣẹ́, ti èyí tí a ti tì pa, àti èyí tí kò forúkọ sílẹ̀ rí. Mo ti yọ "kó yá kánkán" tó wà níbí tẹ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n.

1. Ímeèlì yòówù kí ẹ tẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sáfà yóò dá 202 padà, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sì hàn: "Bí ímeèlì yìí bá ní àkáǹtì tó ń ṣiṣẹ́, líǹkì ń bọ̀ níbẹ̀." Ti àkọ́kọ́ nìkan ni líǹkì yóò dé, láàárín ìṣẹ́jú 1. Ẹ béèrè ní ìgbà 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to àkókò ìdáhùn láti orí èyí tó kéré jù, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an: ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ ju mílísẹ́kọ́ńdì 100 lọ. Ohun tí ojú ewé fi pa mọ́, aago lè tú u fó. (Ẹ kọ́kọ́ pa òṣùwọ̀n iye ìbéèrè tó wà ní nọ́ńbà 5, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dí yín lọ́wọ́.)

2. Líǹkì ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 29. Ní ìṣẹ́jú 31, "Líǹkì yìí ti kú" ni yóò hàn. Ẹ sún aago sáfà ìdánwò síwájú, ẹ má jókòó dè é. Bí a bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ti ìkẹyìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lílò ẹ̀ẹ̀kan ló sì ní. Àmọ́ ṣíṣí i kì í ṣe lílò: àwọn sáfà ímeèlì kan máa ń ṣí líǹkì wò fúnra wọn kí olówó rẹ̀ tó rí i. Ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó ṣí i nínú búráwúsà:

```
curl -s "$LINKI" > /dev/null
```

Ó gbọ́dọ̀ ṣì gba ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. `POST` nìkan ló ń pa á.

3. Ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun: lẹ́tà 7, kò gbà. 8, ó gbà. 64, ó gbà. 65, kò gbà, kó sì sọ bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ gé e kù ní bòókẹ́lẹ́. Àlàfo wọlé. Ẹ fi fóònù yan ọ̀rọ̀ tó ní "ẹ́" nínú, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà wọlé: kíbọ́ọ̀dù méjèèjì lè kọ lẹ́tà yẹn lọ́nà ọ̀tọ̀, a sì gbọ́dọ̀ kà á sí ọ̀kan.

4. Bí a bá ti yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun, búráwúsà kejì tó ti wà nínú àkáǹtì yóò já síta ní kíkíliìkì tó kàn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò ní ṣí i mọ́. Ímeèlì ìkìlọ̀ yóò dé, láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà nínú rẹ̀.

5. Ìbéèrè kẹfà láàárín wákàtí 1 fún ímeèlì kan kò ní fi líǹkì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ewé kò ní yí padà.

Ṣíṣí àkáǹtì tí a tì pa kò sí nínú ìtàn yìí.