Òwò Mẹ́ta Tí A Máa Dìbò Lé Lórí ní Ọjọ́ 18 Oṣù Kẹrin, 2026

Sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa, Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, a kí yín kú iṣẹ́ o. Ní ìpàdé oṣù Kẹta, ẹ rán àwa mẹ́ta pé ká lọ wádìí òwò tí a lè fi owó wa ṣe. A ti lọ, a ti bọ̀. A bèèrè owó nǹkan lọ́jà, a jókòó ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, a sì ṣírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó wá. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dárúkọ òwò kan.

Owó tó wà lọ́wọ́

Àwa 42 la dá 3,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù 14: 1,764,000. Owó ìwọlé ẹgbẹ́ jẹ́ 84,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,848,000. Àwọn adìyẹ Kérésì mú 98,000 lọ nínú rẹ̀, ó ku 1,750,000. Àbá wa ni pé ká má fọwọ́ kan 200,000, nítorí àìsàn àti ọ̀ràn pàjáwìrì. Èyí tí a lè fi ṣòwò, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ni 1,550,000 náírà.

Ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn adìyẹ yẹn díẹ̀, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí bí a ṣe kọ ọ́. 120 la rà, 47 ló kú. Kì í ṣe àrùn ló pa wọ́n. Orúkọ wà lára ògiri, ẹni tó kàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò wá, omi tán nínú ọpọ́n, oòrùn sì mú ganrínganrín. Owó kọ́ ló wọ́n wa, ènìyàn ni. Nítorí náà, lábẹ́ òwò kọ̀ọ̀kan, a kọ iye ọwọ́ tó nílò, a sì fẹ́ kí ẹ fi ojú tí ẹ fi wo èrè wo iye ọwọ́ yẹn.

Òwò kìíní: Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àti gààrí

Ohun tí a máa rà: ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì oní-dísẹ̀lì, 620,000, jáàkì àti irin tí a fi ń fún omi rẹ̀, 160,000, agbada, ajọ̀ àti ààrò, 140,000, àtíbàbà onípáànù, 230,000, owó ẹ̀gẹ́, dísẹ̀lì àti òṣìṣẹ́ láti fi bẹ̀rẹ̀, 350,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500,000.

Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù kan máa ń di nǹkan bí 200 kílò gààrí, ìyẹn àpò mẹ́rin oní-50 kílò. Lónìí, tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 90,000 lóko tí a bèèrè. Owó àwọn tó ń bó o jẹ́ 12,000, dísẹ̀lì 6,000, àwọn ayangààrí 16,000, àpò àti ọkọ̀ 8,000. A ti ná 132,000. Bí àpò bá lọ ní 38,000, a gba 152,000, èrè wa jẹ́ 20,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Bí a bá ṣe tọ́ọ̀nù méjì lọ́sẹ̀, ó di 160,000 lóṣù.

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí gààrí ṣe ń ṣe lọ́jà. Bí àpò bá já sí 32,000, tí owó ẹ̀gẹ́ kò sì yẹ̀, 128,000 la máa gbà lórí ohun tí a ná 132,000 sí. A máa pàdánù 4,000 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni gbèsè á ṣe máa pọ̀ tó. A ò sì lè sọ pé ká fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ títí ọjà á fi dára: bí ẹ bá ti wà á, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ máa ń dúdú tó sì ń bàjẹ́.

Ibi tí ọ̀kan nínú wa rí owó tó dájú sí ni ìrin fún àwọn ìyá tó ń yan gààrí ní àdúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí abọ́ 15 bá wá lójúmọ́ ní 400 náírà, fún ọjọ́ 22 lóṣù, ó jẹ́ 132,000. Yọ dísẹ̀lì 45,000, ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ 30,000, àtúnṣe 15,000: ó ku 42,000. Owó kékeré ni, àmọ́ kò sí iye tí gààrí já sí tó lè sọ ọ́ di gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ òwò yìí, a rọ̀ ọ́ kó ro ó dáadáa bóyá ìrin nìkan la máa fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe, kí a tó fi owó ra ẹ̀gẹ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ méjì míì. Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú, ó sì ń rùn, kò gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sínú odò tàbí sẹ́bàá kànga ẹnikẹ́ni. A ti wo ilẹ̀ kan tó jìnnà sí omi, a ó gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Èèpo rẹ̀ náà, ẹ má fún ewúrẹ́ ní tútù. Bí a bá sá a gbẹ dáadáa, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ máa rà á. Gààrí wa sì gbọ́dọ̀ sun ọjọ́ méjì ó kéré tán nínú àpò kí a tó yan án. Ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí oníbàárà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọwọ́ tó nílò: ènìyàn mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òwò kejì: Òfì híhun

Ìsẹ́yìn la wà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ìlú wa níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, òfì ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Ó dun èmi tí mo ń kọ ìwé yìí pé nínú àwa 42, mẹ́fà péré ló mọ̀ ọ́n hun, bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá wa kò mọ iṣẹ́ míì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere: èmi òwò yìí ni màá dìbò fún, àwọn méjì tó kù nínú ìgbìmọ̀ sì fara mọ́ ẹ̀gẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á.

Igi òfì mẹ́fà, 270,000, òwú, 480,000, ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan, 120,000, owó iṣẹ́ àwọn ahunṣọ láti fi bẹ̀rẹ̀, 300,000, àwòrán, dátà àti àpò tí a ó fi kó aṣọ fún oníbàárà, 60,000. Àpapọ̀ jẹ́ 1,230,000. Ó máa ku 320,000 nínú owó wa, ìyẹn á sì dúró de òwú nígbà tó bá gbówó lórí.

Aṣọ obìnrin odidi kan, ìró, gèlè àti ìpèlé, à ń tà á ní 75,000. Òwú rẹ̀ jẹ́ 32,000, owó ahunṣọ 22,000, ó ku 21,000. Bí a bá ta mẹ́jọ lóṣù, 168,000 ni. Yọ ṣọ́ọ̀bù 10,000 àti owó ọkọ̀ lọ sí ọjà Òjé ní Ìbàdàn 18,000: ó ku 140,000. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré la tà, èrè wa jẹ́ 35,000. Ọjà Òjé yẹn, ìtàdógún ni wọ́n ń ná an, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la lè kó ẹrù lọ. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà tó ti dára ti dín wàhálà ìrìn náà kù.

Ewu rẹ̀ mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni àwìn. Ẹbí ìyàwó á ní kí a gbé aṣọ wá, pé bí ayẹyẹ bá tán àwọn á sanwó. A ti rí ahunṣọ tó fi ìgbà yẹn jókòó sílé láìní òwú. Àbá wa: ìdajì owó kí a tó ta òwú sórí igi, ìyókù kí aṣọ tó jáde, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá wa. Èkejì ni aṣọ ẹ̀rọ tó ń fara wé òfì, tó sì dínwó púpọ̀. A ò lè bá a du owó. Ohun tí a lè fi borí rẹ̀ ni àwọ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè ṣe bíi tiwa: ẹtù, àlàárì, àti sányán bí a bá rí ẹni tó fẹ́ sanwó rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé aṣọ kì í jáde déédéé. Bí ààwẹ̀ bá dé, ayẹyẹ á dáwọ́ dúró. Iléyá ọdún yìí máa bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún. Bí ẹ bá mú òwò yìí, kíá ni kí a bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mẹ́fà tó mọ̀ ọ́n hun ti gbà láti kọ́ àwọn mẹ́rin míì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ tó nílò: ahunṣọ mẹ́fà lójoojúmọ́, àti ènìyàn méjì fún títà àti ìṣírò.

Òwò kẹta: Kánópì àti àga fún yíyá

Kánópì mẹ́rin, 600,000. Àga oníke 150, 750,000. Tábìlì 15, 150,000. Àpapọ̀: 1,500,000. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti fún wa ní gárééjì ilé wọn fún ọdún kan láìgba kọ́bọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá yá gbogbo rẹ̀, 42,500 ló máa san. Ọkọ̀ wà lọ́rùn tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù jẹ́ 127,500. Yọ owó àwọn tó ń ta kánópì, 18,000, àti àga márùn-ún tó máa ṣẹ́, 25,000: ó ku 84,500. Òwò yìí kò le. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe é ti pọ̀ nílùú, àti pé gbogbo mọ̀lẹ́bí wa ló máa fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọwọ́ tó nílò: ènìyàn mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú.

Bí a ṣe máa dìbò

Ní 1844, nígbà tí àwọn ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan, tí ahunṣọ wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìlú Rọ́ṣídéèlì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbò kan ni wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, iye tó wù kó dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa.

Ìwé méjì lẹ máa gbà lẹ́nu ọ̀nà. Lórí ìwé funfun, ẹ kọ 1, 2 tàbí 3, ẹ má kọ orúkọ. Lórí ìwé aláwọ̀ ewé, ẹ kọ orúkọ yín, òwò tí ẹ lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ lè wá. Ẹ lè kọ ju òwò kan lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fún un láyè, kó kọ òdo, kò sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Òdo tí a mọ̀ sàn fún wa ju orúkọ tó wà lára ògiri lọ.

Ènìyàn 28 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà níjókòó. Òwò tó bá gba ju ìdajì ìbò lọ ló wọlé. Bí kò bá sí, a ó yọ èyí tó gba ìbò tó kéré jù, a ó sì tún un dì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òwò tó wọlé kò bá rí iye ọwọ́ tó nílò nínú ìwé aláwọ̀ ewé, a kò ní ná kọ́bọ̀ lé e. Èyí tó ṣe ìkejì la ó yẹ̀ wò.

Àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó lè fi ìbò wọn rán akápò nínú àpòòwé tí a lẹ̀, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́, ṣọ́ọ̀bù òfì àti gárééjì, kó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àdúgbò ní Sátidé ọjọ́ 11, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìwádìí