Ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ

Ẹ kú iṣẹ́, Mà,

Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nípa ààyè nọ́ọ̀sì tó ṣí ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ yín ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ọdún 6 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Lóru ọjọ́ kan, báńdéèjì bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbẹ ṣáṣá lókè, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń yára lù. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn bàbá náà: ẹ̀jẹ̀! Mo pe dókítà kíá, wọ́n dá bàbá padà sí tíátà, bàbá sì yè é. Láti ìgbà náà, ojú báńdéèjì nìkan kò tó mi wò mọ́.

Ní ti ìwé àṣẹ, mo ti gba B nínú OET, mo sì ti yege CBT, ìṣirò àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ti fi ìwé ìfìdímúlẹ̀ mi ránṣẹ́ tààrà sí NMC. OSCE ló kù, èyí tí mo máa ṣe tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń dá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ fún un?

Àwọn ìwé ẹ̀rí mi wà pẹ̀lú létà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fúnmiláyọ̀