Àwo kan ń yí, a gbé òmíràn lé e: ìdáhùn ìbéèrè kẹta

Ìbéèrè. Àwo irin roboto kan ń yí lórí ọ̀pá tó dúró ṣánṣán. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2 kg, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 0.20 m, ó sì ń yí ní 30 rad/s. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń yí i mọ́, ọ̀pá náà ò sì dí i lọ́wọ́. A já àwo kejì, tí kò yí rárá, lé e lórí. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 1 kg, rédíọ́ọ̀sì wọn dọ́gba. Wọ́n ha ara wọn títí tí àwọn méjèèjì fi jọ ń yí bí ẹyọ kan. (a) Kí ni eré yíyí wọn nígbẹ̀yìn? (b) Agbára mélòó ni fíríkíṣọ̀n sọ di ooru?

Ìdáhùn. Mo ti yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ̀yin ọmọ mi. Púpọ̀ nínú yín ló bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára: ẹ ní agbára ìṣáájú gbọ́dọ̀ bá ti ìkẹyìn dọ́gba, ẹ sì rí 24.5 rad/s. Ìṣirò yẹn lọ geere, ibi tó ti gbéra ni kò tọ́. Níbi tí àwo méjì bá ti ń ha ara wọn, ooru ń jáde, agbára yíyí ò sì lè pé mọ́. Ohun tó ń pé ni mòméntọ̀mù ìyípo, ìyẹn ìnáṣíà àwo, tí a máa wá láìpẹ́, tí a fi eré yíyí rẹ̀ sọ di púpọ̀.

Kí ló dé tó fi ń pé? Tọ́ọ̀kì ni ipá tó ń yí nǹkan. Èyí tí àwo òkè fi ń fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ̀n rẹ̀ náà gan-an ni ti ìsàlẹ̀ fi ń ti ti òkè síwájú. Iye tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì gbà. Kò sì sí tọ́ọ̀kì kankan láti ìta.

Ẹ jẹ́ ká wá ìnáṣíà wọn, ìyẹn bí àwo kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣagídí tó kó tó yí:

I₁ = ½ × 2 × 0.20² = 0.04 kg·m²
I₂ = ½ × 1 × 0.20² = 0.02 kg·m²

Ẹ jẹ́ kí ω₀ dúró fún eré yíyí níbẹ̀rẹ̀, kí ω dúró fún ti ìgbẹ̀yìn. Àwo kejì kò ní mòméntọ̀mù kankan níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà:

I₁ω₀ = (I₁ + I₂)ω
0.04 × 30 = 0.06 × ω
ω = 20 rad/s

Ìdáhùn (a) nìyẹn. Ó wá ku agbára:

Níbẹ̀rẹ̀: ½ × 0.04 × 30² = 18 J
Nígbẹ̀yìn: ½ × 0.06 × 20² = 12 J

Ooru: 18 − 12 = 6 J, ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù ló kù. Ibo gan-an ni 6 J yẹn gbà lọ? Ká ní tọ́ọ̀kì fíríkíṣọ̀n jẹ́ 0.2 N·m láìyẹ̀. Àwo òkè nílò mòméntọ̀mù 0.02 × 20 = 0.4, nítorí náà yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 2. Láàárín àkókò yẹn, àwo ìsàlẹ̀ ń lọ láti 30 sí 20, ó yí 50 rad. Ti òkè ń lọ láti 0 sí 20, ó yí 20 rad péré.

Fíríkíṣọ̀n gba 0.2 × 50 = 10 J lọ́wọ́ ti ìsàlẹ̀, ó sì fún ti òkè ní 0.2 × 20 = 4 J. 6 J tí kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni ooru. Ẹ wò ó dáadáa: 30 rad ni ọ̀kan fi yọ̀ kọjá èkejì, 0.2 × 30 sì ni 6. Yíyọ̀ yẹn ló ń sọ agbára di ooru. Bí wọ́n bá ti jọ ń yí, kò sí yíyọ̀ mọ́, ooru náà dáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá ti wà nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fi kílọ́ọ̀ṣì gbé dúró lórí òkè Ìbàdàn nígbà tí ọ̀nà dí, á mọ òórùn tí pálétì máa ń mú jáde. Yíyọ̀ yìí náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń ti àwo tirẹ̀, torí náà ẹ má lo ìlànà òkè yìí fún un bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín béèrè pé bí ojú àwo bá dán tí tọ́ọ̀kì fi jẹ́ 0.1 N·m ńkọ́, ṣé ooru ò ní dín kù? Ìbéèrè tó dára gan-an ni. Yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 4, wọn yóò yọ̀ kọjá ara wọn ní 60 rad, 0.1 × 60 sì tún jẹ́ 6 J. Fíríkíṣọ̀n kì í pinnu iye tó ṣòfò, bó ṣe máa pẹ́ tó ló ń pinnu. Ìnáṣíà ló pinnu rẹ̀: ìdá tó ṣòfò jẹ́ I₂/(I₁ + I₂).

Ẹ tún un ṣe nílé pẹ̀lú àwo kejì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2 kg. 15 rad/s àti 9 J ni mò ń retí, kí ẹ sì fi yíyọ̀ náà yẹ̀ ẹ́ wò fún mi.