Àpò Ẹ̀wà Mẹ́ta

Bí Mòjísọ́lá ṣe rí Àlàájà Sẹ̀míátù tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́nu ọjà Sábó, ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti orí fóònù. Kí wọ́n tó bí Mòjísọ́lá ni Àlàájà ti ń kó ẹ̀wà fún ìyá rẹ̀ láti Máìlì 12 wá sí Ìkòròdú, kì í sì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba owó.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Mòjí, àpò 20 ni mo kó fún ọ. Owó àpò 17 lo ní o fẹ́ san. Àpò kan ₦95,000. Ta ni kí n lọ bá gba ₦285,000 mi?"

"Ìyá mi, àpò 17 ló wọ ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá purọ́, kí Ọlọ́run…"

"Má ṣépè fún ara rẹ lọ́dọ̀ mi."

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ti ń nà ọrùn. Oníṣòwò ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sọ pé ó jẹ owó ọjà lójú ọjà, ó ti dé ibi tó burú. Kò sí alágbàtà tí yóò tún kó ọjà àwìn fún un. Mòjísọ́lá mọ èyí dáadáa. Ìyá rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́ nítorí ìrora orúnkún, orúkọ ìyá náà ló sì ń gbé ọjà wọlé fún un títí di òní. Omi ti lé lójú rẹ̀ kó tó sọ pé kí àwọn lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́.

Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wà ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó gbọ́ ti Àlàájà tán, ó gbọ́ ti Mòjísọ́lá tán. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í búra, ó gbé àtẹ sílẹ̀.

"Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ ná. Ìwé dà?"

Àlàájà ṣí báàgì, ó fa ìwé ínfọ́ìsì rẹ̀ yọ. Ìwé gígùn ni, tí wọ́n tẹ nọ́mbà sí igun gbogbo ojú ewé, tí ewé mẹ́ta sì ń jẹ́ nọ́mbà kan náà: funfun, píǹkì, yẹ́lò. Ó ṣí i sí 0418. Ewé yẹ́lò nìkan ló kù níbẹ̀. Ohun tí akọ̀wé rẹ̀ fi bírò tẹ̀ sórí ewé funfun ni kábọ́ọ̀nù gbé délẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn kedere: *Ẹ̀wà olóyin, àpò 20, ₦95,000, àpapọ̀ ₦1,900,000.*

Àyà Mòjísọ́lá já.

"Tìẹ dà?" ni Ìyá Ẹgbẹ́ bi í.

Kò sí. Wọ́n kó ewé funfun náà fún Wàsíù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí ọjà wọlé. Wàsíù fún un, òun náà fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣírò owó gààrí, ẹnì kan sì ti ya á fi pọ́n iyọ̀ fún oníbàárà. Lójú Mòjísọ́lá, ìwé báyẹn wà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí kò mọ ara wọn. Ìyá rẹ̀ àti Àlàájà mọ ara wọn.

"Ó tán nìyẹn," ni Àlàájà wí.

"Kò tíì tán. Àlàájà, ewé píǹkì ńkọ́?"

Àlàájà dákẹ́ díẹ̀. Ewé píǹkì ni dẹ́rẹ́bà máa ń gbé tẹ̀lé ẹrù. Ẹni tó bá gba ọjà á buwọ́ lù ú, dẹ́rẹ́bà á sì dá a padà sí ìsọ̀ Àlàájà, wọ́n á fi kọ́ mọ́ ìṣó lára ògiri. Dẹ́rẹ́bà ọjọ́ yẹn ti lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé. Ni Àlàájà bá pe ọmọdékùnrin tó ń bá a ṣọ́ ìsọ̀ pé kó wo ìṣó, kó wá 0418, kó yà á ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù.

Wọ́n dúró. Kò rọrùn láti dúró báyẹn. Mòjísọ́lá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Fọ́tò wọlé. Àlàájà fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Nísàlẹ̀ àpò 20 tí akọ̀wé kọ, ọwọ́ Wàsíù wà níbẹ̀, wọ́gọwọ̀gọ, lẹ́tà ńlá àti kékeré dàpọ̀: *17 wọlé. 3 tutù, mọ́tò gbé e padà.* Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i àti déètì. Dẹ́rẹ́bà náà sáìnì sábẹ́ tirẹ̀.

Òjò ọjọ́ yẹn! Mòjísọ́lá rántí. Tapólì ya lẹ́yìn mọ́tò, àpò mẹ́ta tó wà létí mu omi débi pé ẹ̀wà ti ń wú nínú wọn. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà gbé wọn padà, dẹ́rẹ́bà sì ní òun á sọ fún Àlàájà.

"Kò sọ fún mi," ni Àlàájà wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó tún pe ọmọdékùnrin náà. Wọ́n bá àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀yìn sítọ́ọ̀, lábẹ́ àpò gààrí òfìfo. Ẹ̀wà inú wọn ti hù.

Ìyá Ẹgbẹ́ gba ìwé yẹ́lò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. "Mòjí, wò ó. Èyí kò purọ́. Àpò 20 ló kúrò ní Máìlì 12 lóòótọ́. Ohun tí wọ́n rán ni ínfọ́ìsì sọ. Ohun tó dé, ọwọ́ ẹni tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà ló lè sọ ọ́. Ó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ tí kò sí ìjà kankan. Wàsíù tó kọ èyí kò mọ̀ pé ẹnì kan máa jà sí i lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba tirẹ̀ gbọ́ ju ìbúra ẹ̀yin méjèèjì lọ."

Àlàájà fa ìlà sí orí 20 nínú ewé yẹ́lò, ó kọ 17 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yí àpapọ̀ padà sí ₦1,615,000, ó sì ní kí Mòjísọ́lá náà buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ ni Mòjísọ́lá ti ṣe tiránsífà. Kí Àlàájà tó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ti fẹ́ ba orúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Má bínú."

"Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, Mà. Ẹ̀yin le bínú sí mi náà, mi ò pè yín lọ́jọ́ tí àpò mẹ́ta yẹn tutù."

Ní ọjọ́ kejì, Mòjísọ́lá ra ìwé ínfọ́ìsì tirẹ̀ àti ewé kábọ́ọ̀nù kan. Ó lu ìṣó méjì mọ́ ara ògiri, ọ̀kan fún ohun tó gbà, ọ̀kan fún ohun tó tà. Ó fi ọwọ́ kan Wàsíù lórí, ó sì fún un ní owó ìrẹsì àti ẹran.

Ìyá Olóúnjẹ láti Ìgbógbó ló kọ́kọ́ bá ìwé náà pàdé. Ó wá ra àpò ẹ̀wà mẹ́rin láwìn bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó rí bírò, ó dúró.

"Mòjí, ṣé o kò fọkàn tán mi mọ́ ni?"

"Mo fọkàn tán yín, Mà. Ẹ bá mi ka àpò yẹn lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ buwọ́ lù ú kó tó gbéra. Ẹ̀yin náà á gba ewé kan. Tí mo bá béèrè owó àpò márùn-ún lọ́wọ́ yín, ẹ fi hàn mí."

Obìnrin náà jáde, ó ka àpò náà, ó padà wọlé, ó sì gba bírò. Ó wo ewé náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú.

"Iye àpò kan ni o kò kọ. Kọ ọ́ sí i. Ọjà ń wọ́n lójoojúmọ́."