Àdéhùn àwa méjèèjì lórí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán wa

Ọ̀rẹ́ mi, ká kọ ọ́ sílẹ̀ kó má dìjà lọ́la. Owó tá a fi bẹ̀rẹ̀, ìdá 60 nínú 100 ni tèmi, 40 ni tìẹ, maṣíìnì méjì tó o gbé wá ti wà nínú ẹ̀. Èrè, tá a bá ti yọ owó rẹ́ǹtì àti òwú, ìdajì-ìdajì ni, àdánù náà bẹ́ẹ̀, torí ìwọ lò ń ránṣọ tábẹ́rẹ́ ń gún ẹ lọ́wọ́, èmi ń wá kọ́sítọ́mà mo sì ń kọ àkáǹtì. Kò sẹ́ni tó máa dá yáwó lórúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó sọ ní oṣù 3 ṣáájú, ká san gbèsè, ká wá san owó ẹ̀ láàárín oṣù 6. A ti fọwọ́ sí i.